Ìdáhùn Tí Ẹ̀gbọ́n Dà Kọ

Òtẹ́ẹ̀lì kan náà ni ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ti ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀gá wọn ní ẹni tó bá gbọ́ èdè Sípéènì lòun máa gbé lọ síbi tí wọ́n ti ń gba àlejò, ni wọ́n bá jọ ra bébà ìdánrawò fún ẹni tó ń dá kọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ ìṣe tó ń sọ ohun tó ti kọjá, tí kì í tẹ̀lé òfin, ló kún inú rẹ̀. Ìdáhùn wà lójú ewé tó kẹ́yìn.

Ẹ̀gbọ́n kọ “tení” fún “mo ní”, ó kọ “hació” fún “ó ṣe”. Ó yọjú wo ìdáhùn: “tuve” ni, “hizo” ni. Àbúrò rẹ̀ ń wẹ̀ ní balùwẹ̀, ló bá wo bébà tiẹ̀: ó gbà á délẹ̀! Owú ru bo ẹ̀gbọ́n lójú.

“Ọmọ tí mo fẹ̀yìn pọ̀n!”

Ló bá mọ̀ọ́mọ̀ da tíì sójú ìdáhùn. Ó dà á kọ sórí bébà míì, àṣìṣe tirẹ̀ ló sì kọ síbẹ̀.

Àbúrò jáde, ó fi ìdáhùn tí ẹ̀gbọ́n dà kọ náà máàkì bébà méjèèjì. Ó fagi lé tirẹ̀, ojú rẹ̀ fà ro. Àmọ́ nígbà tó rí ti ẹ̀gbọ́n, ó sáré gbé fóònù jáde síta; bó ṣe padà wọlé, ó fò mọ́ ọn.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà á pátápátá! Mo ti pe ọ̀gá. Wọ́n ní àwọn àlejò láti Sípéènì ń bọ̀ láàárọ̀ ọ̀la, ẹ̀yin lẹ máa bá wọn sọ̀rọ̀.”