Ínfọ́ìsì Mẹ́ta fún Táńkì Kan

Ọ̀gbẹ́ni Fálẹ́yẹ, akántà wa, wọ sítọ́ọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kò kí mi. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ìgbà tó wò ó tán ló tó tẹ́ ìwé mẹ́ta sórí tábìlì mi.

"Ìyá Motúnráyọ̀, ọjọ́ wo ni dísù yìí dé?"

Bí akántà bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sí sítọ́ọ̀, nǹkan ti bàjẹ́ níbì kan, wọ́n sì ń wá ẹni tí wọn yóò dì í rù.

"Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni, sà."

"Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?"

Ínfọ́ìsì, ìwé owó ọjà, ni ìwé náà, láti ọwọ́ ẹni kan náà tó ń ta dísù, epo jẹnẹrétọ̀, fún wa. Igba lítà, igba lítà, igba lítà. Owó ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà òjìlénígba náírà. Nọ́ḿbà orí wọn tẹ̀lé ara wọn bí ọmọ ilé ìwé tó tò sórí ìlà: 0117, 0118, 0119.

"Ẹ jẹ́ kí n wo ìwé mi ná, sà."

"Wò ó dáadáa," ni ó wí. "Orúkọ rẹ ló wà níbẹ̀ pé o gbà wọ́n wọlé."

Ó kó ìwé rẹ̀, ó lọ. Mo jókòó. N kò mọ̀ bóyá ìbéèrè ló bi mi ni, tàbí ẹ̀sùn ló fi kàn mí.

Ìyẹ̀fun gbágùúdá là ń ṣe ní ilé iṣẹ́ wa, ní ìta Ìkẹ́rẹ́, lójú ọ̀nà Àdó. A ó tó àádọ́jọ òṣìṣẹ́. Ọdún kejì rèé tí Ìyáàfin Ìbíwùmí Bọ́ládé ti Èkó dé, tó di mánéjà àgbà, tó sì mú òfin dé. Ó ní ẹni tó ń ra nǹkan kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó ń gbà á wọlé. Ẹni tó gbà á wọlé kò gbọdọ̀ fọwọ́ sí owó rẹ̀. Ẹni tó fọwọ́ sí owó kò gbọdọ̀ san án. Ọ̀gbẹ́ni Bámigbóyè, olórí àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀rọ, lè fọwọ́ sí owó tí kò bá ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́talénígba lọ. Bó bá lé ní náírà kan, iwájú mánéjà ló ń lọ. Bó bá kọjá mílíọ̀nù méjì, ó di ti ẹni tó ni ilé iṣẹ́, ní Èkó. Akántà a wá kó ìwé mẹ́ta jọ, èyí tí a fi ní kí wọ́n kó ọjà wá, èyí tí mo fi sọ pé ọjà dé, àti ínfọ́ìsì. Bí ẹnu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá kò, a sanwó.

Èmi ni mo ń sọ pé ọjà dé. Bí ọjà bá dé, kóòdù kan á wọlé sórí fóònù mi. Bí a bá ti tẹ kóòdù yẹn, ọjà ti wọlé nìyẹn, lórúkọ mi. Mo fọwọ́ sí ìwé kan pé n kò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́. Kíláàsì kẹta sẹ́kọ́ńdírì ni mo dúró sí, mo kàn fọwọ́ sí i ni.

Ẹni tó ń ra nǹkan ni àbúrò ọkọ mi tó ti kú. Gbénró ni orúkọ rẹ̀. Mo lè kọ ọ́ báyìí, ṣùgbọ́n n kì í pè é. Ìgbà tí wọ́n gbé mi wọlé ní Ìmẹ̀sí-Lásìgidì, ó ti tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ìyàwó kì í sì í pe ẹni tó bá nílé lórúkọ. Akọ̀wé ni mò ń pè é. Òun náà ló mú mi wọ iṣẹ́ yìí nígbà tí ọkọ mi kú. Ìgbà tí kóòdù bẹ̀rẹ̀, ó wo fóònù mi, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní fóònù yìí ti gbó ju èmi alára lọ. Ó ṣí ojú ewé tí mo fi ń tẹ kóòdù sórí fóònù tirẹ̀. Ó ní kí n máa ka kóòdù náà fún òun nìkan, òun á máa bá mi tẹ̀ ẹ́. Mò ń kà á. Báwo ni mo ṣe fẹ́ wí fún un pé rárá?

Mo ṣí ìwé mi. Kì í ṣe ti ilé iṣẹ́, èmi ni mo rà á. Gbogbo ohun tó bá wọlé ni mò ń kọ sínú rẹ̀, nítorí n kò fọkàn tán orí mi. Ní Ọjọ́bọ̀, kí mọ́tò dísù tó dé, mo ti ọ̀pá ìwọ̀n bọ táńkì: ogóje lítà. Nígbà tó lọ tán, mo tún tì í bọ̀ ọ́: òjìlélọ́ọ̀ọ́dúnrún lítà, 340 ni mo kọ. Ìrìn kan. Mo ka kóòdù fún Akọ̀wé. Lọ́sàn-án ó tún pè: "Nẹ́tíwọ̀kì gbé e mì, òmíràn ti wọlé, kà á." Mo kà á. Nírọ̀lẹ́, bákan náà. Mo kà á.

Mo jókòó ti ìwé náà. Ẹgbẹ̀ta lítà ni ínfọ́ìsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lítà péré ni táńkì wa ń gbà, ogóje sì ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ibo ni wọ́n da ìyókù sí? Inú bàtà mi?

Akọ̀wé dé lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ó ti ń pariwo kó tó wọlé.

"Ìyàwó wa! Ojú ẹ ṣe pọ́n báyìí? Ṣé ata lo fi bọ́jú ni?"

"Rárá o, Akọ̀wé. Eruku ìyẹ̀fun ni."

Ó jókòó sórí àpò. "Mo gbọ́ pé Fálẹ́yẹ wá síbí."

Ta ló sọ fún un? Èmi àti akántà nìkan la wà níbẹ̀.

"Ó wá."

"Ọkùnrin yẹn ń wá ẹni tó máa dá lẹ́bi ni. Bó bá tún dé, wí fún un pé ìrìn mẹ́ta ni mọ́tò rìn. Àárọ̀, ọ̀sán, ìrọ̀lẹ́. Ó tán."

"Ìrìn kan ni mo rí."

"Ṣé géètì lo sùn sí ni? O ò lọ jẹun? O ò lọ tọ̀?"

Mo rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mo wá bi í, wẹ́rẹ́ báyìí, pé kí ló dé tí wọn kò kọ ọ́ sí ìwé kan.

"Bí mo bá kọ ọ́ sí ẹyọ kan, á kọjá ti Bámigbóyè, á dé iwájú obìnrin Èkó yẹn. Á ní kí n ya fọ́tò táńkì, kí n ya fọ́tò mọ́tò, kí n ya fọ́tò dírẹ́bà. Kó tó fọwọ́ sí i, jẹnẹrétọ̀ ti kú, gbágùúdá ti kan. Èmi ni mò ń gba ilé iṣẹ́ yìí là!"

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Ohun tó bà mí lẹ́rù nìyẹn.

"Owó náà ti jáde ná," ni ó fi kún un. "Wọ́n ti san án. Ohun tó ti lọ kì í padà." Ó dìde, ó gbọn ìyẹ̀fun nídìí. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó fi èdè ilé wa sọ ọ́. "Ta ló mú ẹ wọ uṣẹ́, ìyàwó wa?"

"Ẹ̀yin ni."

"Ó dáa. Má gbàgbé ulé."

Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí láti ojú fèrèsé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò akántà ló dúró. Akántà wà nínú mọ́tò náà, ó ti yí gíláàsì fèrèsé rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀. Akọ̀wé rẹ́rìn-ín. N kò rí i bóyá akántà náà rẹ́rìn-ín.

Mo ní: ó tán. Wọ́n jọ ń ṣe é ni. Akántà wá wò bóyá mo ti mọ̀ ni. Bí mo bá ní ìrìn mẹ́ta, mo di olè pẹ̀lú wọn. Bí mo bá ní ìrìn kan, wọn á ní ta ló tẹ kóòdù, iṣẹ́ á bọ́. Owó ilé ìwé Motúnráyọ̀ wà nínú iṣẹ́ náà. Mo dìde, mo tún jókòó. Lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo mú ìwé mi, mo gba ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń bó gbágùúdá, kí wọ́n má baà rí mi, mo lọ sí ọ́fíìsì mánéjà.

Mánéjà ka ìwé mi. Ó gbé fóònù, ó pe akántà àti Akọ̀wé. Mo fẹ́ jáde. Ó ní kí n jókòó.

Wọ́n wọlé. Akọ̀wé rí mi, ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni Fálẹ́yẹ," ni mánéjà wí, "ẹ ti san owó dísù yìí?"

"Rárá, mà. Ìwé mẹ́ta-mẹ́ta bára mu lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sí ohun tí ẹ̀rọ lè sọ. Ṣùgbọ́n ẹni kan, ọjọ́ kan, nọ́ḿbà tẹ̀léra, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì kù díẹ̀ kó dé ibi tí Bámigbóyè ń dúró. Mo dá a dúró. Mo sọ fún Gbénró lọ́sàn-án yìí pé n kò ní san án. Ó ní eré ni mò ń ṣe."

N kò mọ ibi tí mo fẹ́ wò.

Mánéjà yí sí mi. "Ìwọ lo tẹ kóòdù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?"

"Èmi kọ́, mà. Mo kà á fún ẹlòmíràn ni."

"Fún ta ni?"

"Akọ̀wé, mà."

"Akọ̀wé wo? Akọ̀wé mẹ́wàá ló wà níbí."

Mo wo ilẹ̀. "Gbénró ni, mà."

Akọ̀wé fò sókè. "Ìyàwó wa! Orúkọ mi lo pè yẹn? Níwájú àlejò? Obìnrin yìí kò mọ̀wé, mà, ó ń ṣàṣìṣe ni!"

"Ìwé rẹ̀ rèé, ó kọ ọ́ dáadáa," ni mánéjà wí. "Táńkì rẹ̀ kún ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Tìrẹ ńkọ́, Gbénró?"

Fálẹ́yẹ tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà tó gbé wá pé kí ó yọ ìwọlé méjì nínú mẹ́ta náà kúrò. Kọ̀ǹpútà ní ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ fi kóòdù sọ ọ́ fúnra rẹ̀ kí mánéjà tó fọwọ́ sí i. Kóòdù tuntun wọlé sórí fóònù mi. Mo na ọwọ́ sí Fálẹ́yẹ kó bá mi tẹ̀ ẹ́. Ó kó ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn bí ẹni tí iná fẹ́ jó.

"Tìẹ ni," ni ó wí.

Nọ́ḿbà mẹ́fà. Ó pẹ́ kí n tó tẹ̀ ẹ́ tán. Gbogbo wọn dúró, wọ́n ń wo àtàǹpàkò mi.

Mánéjà ní èmi náà máa gba kúẹ́rì lọ́la, ìwé pé kí n wá wí tẹnu mi, nítorí mo ka kóòdù tí mo fọwọ́ sí pé n kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní kí n fi Yorùbá dáhùn, òun á kà á bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ kò bọ́. Kò sì tíì dúró. Gbénró gbé kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì rẹ̀ sórí tábìlì, wọ́n ní kó máa lọ sílé títí wọn yóò fi pè é.

Nígbà tí mo jáde ní aago márùn-ún, ọlọ́kadà kan tí n kò rí rí dúró sẹ́nu géètì.

"Ẹ̀yin ni Ìyá Motúnráyọ̀? Wọ́n ní kí n gbé yín lọ Ìmẹ̀sí. Àwọn ẹbí ń dúró."

"Ta ló ní kí o gbé mi?"

"Wọ́n ti sanwó, mà."

Mo wo ojú rẹ̀. Mo wo nọ́ḿbà ọ̀kadà rẹ̀. Mo ní kó wí fún wọn pé màá wá lọ́jọ́ Àìkú, pẹ̀lú ẹsẹ̀ ara mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sí ìlú, ní apá ibi tí èrò pọ̀ sí.