Ìbéèrè Keje Lórí Orúnkún

Ìbéèrè mẹ́wàá nípa orúnkún tí ọ̀jọ̀gbọ́n máa bi wọ́n nínú ìdánwò ni akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kan kọ sínú ìwé, pẹ̀lú ìdáhùn wọn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ aránṣọ, ló ń bi í nídìí ẹ̀rọ, títí ó fi mọ̀ wọ́n bí ẹni mowó.

Lọ́jọ́ ìdánwò, níwájú ọ̀jọ̀gbọ́n, mẹ́fà àkọ́kọ́ lọ wọ́ọ́rọ́. Ó ní egungun itan, egungun ojúgun àti egungun pẹlẹbẹ iwájú ló pàdé níbẹ̀, àti pé okùn iwájú tó so egungun pọ̀ láàárín ni kì í jẹ́ kí ojúgun yọ síwájú. Ó wá kan ìkeje.

"Nínú kèrékèré, egungun rírọ̀ méjèèjì tó rí bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, èwo ló máa ń ya jù?"

"Ti ẹ̀gbẹ́ inú, sà."

"Kí ló dé?"

Ìdáhùn tó ti há sórí pòórá. Ọ̀jọ̀gbọ́n kò bínú. Ó ti orúnkún òkú tó wà lórí tábìlì sí i. "Fọwọ́ kàn án, ọmọ mi. Má kánjú."

Akẹ́kọ̀ọ́ náà fi ìka ti kèrékèré ẹ̀gbẹ́ ìta, ó sún díẹ̀. Ó ti èyí tó wà ní ẹ̀gbẹ́ inú, kò fẹ́ẹ́ mira. Ó tẹjú mọ́ ọn, ó rí i pé ó lẹ̀ mọ́ okùn ẹ̀gbẹ́ inú.

"Wọ́n dè é mọ́lẹ̀ ni, sà! Bí orúnkún bá lọ́, ti ìta á yẹ̀, ti inú ò ríbi yẹ̀ sí, ló bá ya."

"Ẹn-ẹ́n! Ó yá, ìkẹjọ."

Ó dáhùn mẹ́ta tó kù wọ̀ọ̀, ó sì yege. Bó ṣe ń jáde, ó ṣì ń fọwọ́ tẹ ẹ̀gbẹ́ orúnkún ara rẹ̀.