Aṣọ Funfun Tó Wọ Gbogbo Yàrá

Kérésì ọdún kan, Ọ̀gbẹ́ni Clement, ọ̀gá Ọláyọdé níbi iṣẹ́, pe Ọláyọdé àti Adébùkọ́lá, ìyàwó rẹ̀, wá jẹun nílé rẹ̀ ní VGC, àdúgbò àwọn olówó. Ibẹ̀ ni Adébùkọ́lá ti kọ́kọ́ rí ilé tí ọdún wọ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé balùwẹ̀. Àwọ̀ tó wà lára igi Kérésì ló wà lára àtẹ̀gùn, òun náà ló wà lórí tábìlì oúnjẹ, kódà òun ló wà lára táwẹ́lì tí wọ́n fi nu ọwọ́. Nígbà tó padà sí ilé tiwọn ní Thomas Estate, tó rí iná oríṣiríṣi tó ń ṣẹ́jú lójú fèrèsé, tó rí bàlúùnù pupa tí wọ́n fi séláòtéèpù lẹ̀ mọ́ ògiri, ojú tì í bíi pé ẹnìkan wà níbẹ̀ tó ń wò ó.

"Lọ́dún tó ń bọ̀, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n máa wá," ló sọ fún ọkọ rẹ̀.

Ọláyọdé rẹ́rìn-ín. Kò mọ̀ pé ìyàwó òun ò ṣeré.

Nígbà tí Kérésì ọdún kejì ń súnmọ́lé, Adébùkọ́lá pe Fúnláyọ̀, obìnrin kan láti Ajah tó máa ń bá èèyàn ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́. Fúnláyọ̀ rìn yí gbogbo ilé ká, ó ní:

"Àǹtí, ẹ jẹ́ ká mú àwọ̀ méjì péré. Ọ̀kan á jẹ́ olórí, ìkejì á máa tẹ̀lé e. Ká tún mú nǹkan kan ṣoṣo tí àlejò á máa bá pàdé ní yàrá kọ̀ọ̀kan, kó lè mọ̀ pé ilé kan náà lòun ṣì wà. Pálọ̀ la ti máa ṣe é dáadáa. Ní àwọn yàrá, ká rọra ṣe é. Ní kíṣìnnì àti balùwẹ̀, ẹyọ kan ti tó. Bí gbogbo yàrá bá ń pariwo, orí á fọ́ àlejò."

Wọ́n yan funfun àti àwọ̀ wúrà. Nǹkan kan ṣoṣo náà sì ni ọ̀já aṣọ funfun tí wọ́n á so bíi labalábá, tí ewé àgbọn gbígbẹ tí wọ́n fọ́n ọ̀dà wúrà sí á wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ọjọ́ tó ṣáájú Kérésì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í so ó. Igi dára. Àtẹ̀gùn dára. Tábìlì oúnjẹ rẹwà débi pé Adébùkọ́lá dúró tì í, ó ń ya fọ́tò. Àmọ́ nígbà tí wọ́n máa fi gòkè, aṣọ ti tán.

"Kò burú," ni Fúnláyọ̀ wí. "Àlejò kì í sábà dé yàrá òkè. Ẹ jẹ́ ká fi ewé nìkan síbẹ̀."

"Rárá o. Ìyàwó Clement fi gbogbo ilé tiẹ̀ hàn mí títí dé yàrá tí wọ́n ń sùn. Òun náà máa fẹ́ rí tèmi."

Kò sí bí wọ́n ṣe máa lọ sọ́jà mọ́. Ọkọ̀ ti dì pa lórí Expressway látàárọ̀, láti Jakande títí dé Ajah.

Ìgbà yẹn ni ọkàn Adébùkọ́lá lọ sí yàrá ìyá ọkọ rẹ̀. Màmá Àṣàbí ń gbé lọ́dọ̀ wọn láti ìgbà tí Bàbá Ọláyọdé ti kú. Ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni Màmá, wọ́n sì ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ibẹ̀ ni wọ́n máa sùn mọ́jú ọdún. Adébùkọ́lá ṣí àpótí wọn. Lábẹ́ àwọn sùtánà tí wọ́n ń wọ̀, ó rí aṣọ funfun kan nínú ọ̀rá, tuntun ni, wọn ò tíì rán an. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ aró wà létí rẹ̀. Ó rò ó pé Màmá ní funfun lọ́pọ̀, pé tọ́dún bá ti lọ tán, òun á ra òmíràn tó dára jù ú lọ.

"Aṣọ ta nìyí, Àǹtí?" ni Fúnláyọ̀ bi í.

"Tiwa ni. Gé e."

Fúnláyọ̀ sì gé e. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀já funfun ti dé gbogbo ilẹ̀kùn òkè, títí kan ti yàrá Màmá fúnra wọn, títí kan ọwọ́ ilẹ̀kùn balùwẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Kérésì, àwọn àlejò dé. Ìyàwó Clement ń lọ láti yàrá dé yàrá, ó ń sọ pé, "Bùkọ́lá, o gbìyànjú gan-an!" Inú Adébùkọ́lá ń dùn ṣìnkìn. Fúnláyọ̀ náà wà níbẹ̀, ó ń tún tábìlì ṣe, nítorí ó fẹ́ kí àwọn ará VGC rí iṣẹ́ òun.

Màmá wọlé pẹ̀lú sùtánà lọ́rùn, láìwọ bàtà. Wọ́n kí àlejò, wọ́n gòkè lọ. Kò pẹ́ tí wọ́n fi sọ̀ kalẹ̀, wọ́n mú ọ̀já kan dání.

"Níbo lẹ ti rí aṣọ yìí?"

Gbogbo ojú yí sí Adébùkọ́lá. Ó rí ojú ìyàwó Clement. Kò mọ ìgbà tí ẹnu rẹ̀ sọ ọ́.

"Fúnláyọ̀ ló mú un wá, Màmá."

Màmá yíjú sí Fúnláyọ̀. "Ọmọ mi, inú àpótí mi lo ti mú un?"

Fúnláyọ̀ gbé àwo tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó wo Adébùkọ́lá, omi lé rorò lójú rẹ̀. Ọláyọdé ti dìde.

"O wọ yàrá ìyá mi? O ṣí àpótí wọn? Olè wo nìyí lọ́jọ́ ọdún!"

"Ẹ fi í sílẹ̀," ni Adébùkọ́lá wí. Ó bọ́ sáàárín ọkọ rẹ̀ àti Fúnláyọ̀. "Ẹ fi í sílẹ̀. Èmi ni. Èmi ni mo ṣí àpótí, èmi ni mo ní kó gé e."

Màmá rọra jókòó sórí àtẹ̀gùn, wọ́n ń fọwọ́ pa ìlà aró náà.

"Aṣọ méjì ni Bàbá Ọláyọdé gé lára igàn kan náà," ni wọ́n wí, bíi pé ara wọn ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. "Wọ́n fi ọ̀kan sin wọ́n. Èyí ni tèmi, tí wọ́n máa fi sin mí."

Adébùkọ́lá kúnlẹ̀. Orúkọ Ọlọ́run nìkan ló lè pè. Kò pẹ́ tí àwọn Clement fi lọ, wọn ò sì mu ọtí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Fúnláyọ̀ kó ẹrù rẹ̀, kò dágbére.

Adébùkọ́lá gòkè lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọn ọ̀já náà. Màmá pè é látìsàlẹ̀.

"Fi í sílẹ̀. Àlejò ọdún ò tíì tán. O ti ṣe ilé rẹ lọ́ṣọ̀ọ́, jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀."

Wọn ò fi ìbínú sọ ọ́, ìyẹn ló sì burú jù. Láti ọjọ́ náà títí ọdún tuntun fi wọlé, kò síbi tí Adébùkọ́lá máa gbé ojú sí. Bó bá jí, ọ̀já wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Bó bá fẹ́ fọ ọwọ́, ọ̀já wà níbẹ̀. Aládùúgbò á wọlé, á ní, "Ẹ ò rí bó ṣe bára mu!" òun á wolẹ̀. Ó pe Fúnláyọ̀, ó bẹ̀ ẹ́. Fúnláyọ̀ ní, "Ó ti tán, Àǹtí," àmọ́ láti ìgbà yẹn, kò gbé fóònù rẹ̀ mọ́.

Nígbà tí ọdún parí, Màmá lọ sọ́dọ̀ ọmọbìnrin wọn, Bọ̀sún, ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí. Wọ́n ní àwọn fẹ́ sinmi níbẹ̀ díẹ̀. Adébùkọ́lá tú àwọn ọ̀já náà fúnra rẹ̀, ó fọ̀ wọ́n, ó lọ̀ wọ́n, ó sì ra aṣọ tuntun mọ́ ọn. Ó kó gbogbo rẹ̀ lọ bá wọn.

Màmá gba èyí tí wọ́n ti gé, wọ́n tò ó léra lórí itan wọn. Wọ́n dá tuntun padà.

"Bọ̀sún á bá mi so ìwọ̀nyí pọ̀," ni wọ́n wí. "Mo ti dárí jì ọ́, Ìyá Ṣèyí. Jókòó kó o jẹun."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ ẹ sílé, kódà lẹ́yìn tó ti bí Ṣèyí, "Bùkọ́lá mi" ni Màmá ń pè é. Ó gbé àwo oúnjẹ náà sórí ẹsẹ̀, ó ń jẹ ẹ́, kò lè gbójú sókè.