Ohùn Tó Wà Létí Òsì

Ariwo ti sú mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn kí ọ̀rọ̀ tó jìnnà. Ẹni tó bá ń fi gígé fídíò bọ́ọ̀lù jẹun ní Ìkọ̀tún, tí íápíìsì kì í kúrò létí rẹ̀ láti àárọ̀ títí wọ́n á fi pe ìrun Àsárì, kò ní í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pariwo sétí òun mọ́ láyé. Bí ọmọ mi bá ń sunkún nílé, ọwọ́ mi á kọ́kọ́ máa wá ibi tí wọ́n ti ń dín in kù.

Ọ̀dọ̀ Alhaji Ṣàíbù ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Alhaji ló máa ń gbé kámẹ́rà lọ síbi ìdíje bọ́ọ̀lù àdúgbò, ní Ìgandò, ní Ẹ̀gbẹ́dá, títí dé Ayọ̀bọ̀, á gba eré náà sílẹ̀, á sì tà á sórí CD. Ẹni tó bá fẹ́ gbogbo eré á rà á lódindi. Ẹni tí kò ráyè á ra háíláìtì, ìyẹn àwọn ibi tó dùn jù nìkan. Àwọn tí kò ráyè ló pọ̀ jù ní Èkó, nítorí náà èmi ni mo ń wo gbogbo eré kí wọ́n má baà wò ó. Ojú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́.

Báyọ̀dé, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀ lé tiwa, ló ṣàánú mi. Ó ní kí ló dé tí mo ń fi ojú wá ohun tí etí ti mọ̀. Kọ̀ǹpútà kò mọ ohun tí bọ́ọ̀lù jẹ́, ṣùgbọ́n ó mọ ariwo wọ̀n. Ó bá kọ ètò kan fún mi sínú láàpùtọ́ọ̀pù. Ètò náà á gé ohùn eré sí wẹ́wẹ́, á wọn bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe lọ sókè tó, á sì fi í wé èyí tó wà níwájú àti lẹ́yìn rẹ̀. Níbi tí ohùn bá ti ga ju bó ṣe máa ń rí lọ dáadáa, á fi àmì síbẹ̀, á gé e fún mi. Kì í bẹ̀rẹ̀ gígé láti ibi tí ariwo ti bẹ̀rẹ̀ o. Á sún sẹ́yìn díẹ̀, torí pé bọ́ọ̀lù ti wọlé tán kí àwọn èèyàn tó ké.

Mo gbàdúrà fún un lọ́jọ́ yẹn. Àfi ìgbà tí CD àkọ́kọ́ jáde. Láàárín àwọn góòlù, ẹ wo ibi kan tí bọ́ọ̀lù dùbúlẹ̀ sẹ́yìn ìlà, tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ń mu omi, tí gbogbo èrò ń fò sókè. Iná ni wọ́n mú dé. Gbogbo àdúgbò ló ké "Up NEPA" lẹ́ẹ̀kan náà, ètò Báyọ̀dé sì gbà pé kò sí ohun tó dùn tó bẹ́ẹ̀ nínú eré náà. Oníbàárà kan wá bi mí bóyá NEPA ló gba ife-ẹ̀yẹ lọ́dún yẹn.

Báyọ̀dé tún un ṣe. Ohùn tí a ń gbà sílẹ̀ ní etí méjì: máìkì ẹni tó ń sọ bí eré ṣe ń lọ wà létí òsì, ariwo èrò tí kámẹ́rà ń gbà wà létí ọ̀tún. Ó ní láti ìsinsìnyí lọ, àfi kí etí méjèèjì jọ ga kí kọ̀ǹpútà tó fi àmì sí i. Èrò lè pariwo nítorí NEPA, tàbí nítorí ìjà, tàbí nítorí ewúrẹ́ tó wọ pápá. Asọ̀rọ̀ eré kò ní í bá wọn ké sí ìyẹn. Ó bọ́gbọ́n mu, ó sì ṣiṣẹ́. Mo sinmi.

Asọ̀rọ̀ eré tiwa ni Bàbá Qasim, télọ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ ò tíì gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ẹni tó ń sọ bọ́ọ̀lù tí ẹ ò bá tíì gbọ́ ti bàbá yìí. Bí ẹnìkan bá jẹ góòlù, wọ́n á ki ẹni náà, wọ́n á ki ìyá tó bí i, wọ́n á tún ki ẹni tó ta bàtà fún un. Àwọn èèyàn wà tó jẹ́ pé nítorí ẹnu bàbá náà ni wọ́n ṣe ń ra CD wa. Qasim, àbíkẹ́yìn wọn, ló sì ń gbá iwájú fún ẹgbẹ́ Ìgandò.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, kóòṣì kan ránṣẹ́ láti Abẹ́òkúta pé ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù òun ń wá ọmọ. Kò ráyè wá wo eré ní Ìgandò. Kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n gbá fi háíláìtì ara rẹ̀ ránṣẹ́, òun á wò ó, òun á pe àwọn tó bá wu òun. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n máa kó gbogbo rẹ̀ lọ. Ọdún tó ń bọ̀, Qasim á ti dàgbà ju iye ọdún tí wọ́n ń gbà lọ. Èyí nìkan ló kù fún un.

Alhaji ní kí n ṣe CD kọ̀ọ̀kan fún gbogbo wọn. Mo kó eré ọdún náà fún kọ̀ǹpútà, mo fi orúkọ tí asọ̀rọ̀ eré ń pè pín ohun tó gé fún mi, mi ò sì fi ojú wò ó. Kí ni mo fẹ́ tún wò? Ó ti rẹ̀ mí.

Lọ́jọ́ Sátidé, Qasim dá tirẹ̀ padà. Kò bínú sí mi, ìyẹn gan-an ló dùn mí. Ó kàn fi CD náà sórí tábìlì, ó sì jókòó bí ẹni tó ti ti oko dé. Ohun méjì péré ló wà nínú rẹ̀: ibi tó ti ju bọ́ọ̀lù sínú pápá, àti ibi tó ti ṣubú sínú ẹrẹ̀ tí gbogbo ayé ń fi í rẹ́rìn-ín. Ọmọ tó jẹ góòlù ju gbogbo wọn lọ.

Mo ní kọ̀ǹpútà ló ṣìṣe. Ó mi orí.

"Àǹtí Hamdalah, kì í ṣe kọ̀ǹpútà. Bàbá mi ni. Tí ẹlòmíì bá jẹ góòlù, wọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ fa máìkì ya. Tó bá ti jẹ́ èmi, wọ́n á dákẹ́. Láti kékeré ni. Wọn ò fẹ́ kí n lọ ibì kankan ni ṣá."

Mo ní kó fi CD náà sílẹ̀, kó padà wá lọ́la. Nígbà tó lọ, mo ṣí eré tí wọ́n bá Abúlé Ẹ̀gbá gbá. Qasim gba bọ́ọ̀lù, ó yẹ ẹni méjì sílẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ òsì gbá a sáwọ̀n. Létí ọ̀tún, èrò hó yèè. Létí òsì, ohùn Bàbá Qasim wálẹ̀ bí iná sítóòfù tí wọ́n yí kù. Etí kan ga, ìkejì wálẹ̀, ètò wa sì ti pinnu pé irú ìyẹn kì í ṣe góòlù. Ojú kan náà tó fi ń wo NEPA ló fi wo ọmọ ọlọ́mọ.

Inú bí mi. Mo lọ bá bàbá náà ní ṣọ́ọ̀bù wọn. Mo kí wọn, mo sì ṣàlàyé bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ṣiṣẹ́, pé dídákẹ́ tí wọ́n ń dákẹ́ ló pa ọmọ wọn rẹ́ nínú fídíò. Wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ wọn lọ, wọ́n ń rán ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan. Mo rò pé wọn ò ka ọ̀rọ̀ mi sí, mo sì ti fẹ́ dìde. Ìgbà náà ni ẹsẹ̀ wọn dúró.

"Èyí tó ṣáájú rẹ̀, Raheem, ó mọ kéwú dójú àmì. Èmi ni mo fi ẹnu ara mi yìn ín níbi wòlímọ̀ rẹ̀, níwájú gbogbo èèyàn. Oṣù yẹn ò parí tí a fi sin ín." Wọ́n tún ojú abẹ́rẹ́ ṣe. "Ẹnu mi ti mọ ìwọ̀n ara rẹ̀. Ẹ má sọ fún un."

Ẹnu ayé lẹbọ, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ẹni tó bẹ̀rù ẹnu tirẹ̀ rí. Mo kí wọn pé ẹ kú iṣẹ́, mo padà.

Mo bẹ Báyọ̀dé pé kó yí ètò náà padà: níbi tí etí ọ̀tún bá ti ga, tí òsì sì wálẹ̀ lójijì, ibẹ̀ ni kó fi àmì sí. Ó ní kò le, kò sì le lóòótọ́. A kó gbogbo eré Ìgandò sí i. Àwọn àmì kan kò já mọ́ nǹkan kan: ibi tí bàbá ti dákẹ́ mu omi nígbà tí èrò ń ké sí rẹfirí. A yọ ìyẹn kúrò. Gbogbo ìyókù, Qasim ni. Kì í ṣe góòlù nìkan o. Bọ́ọ̀lù tó fi orí kàn fún ẹlòmíì, ibi tó ti sá padà wá gba ilé wọn sílẹ̀, àwọn nǹkan tí èmi tí mò ń wo bọ́ọ̀lù jẹun kò kíyè sí. Kò sí ibi tí ọmọ yẹn ti ṣe dáadáa tí bàbá rẹ̀ kò ti dákẹ́. Kò sẹ́ni tó ń wò ó tó wọn.

Báyọ̀dé ní kí n yẹ etí òsì wò, bóyá máìkì ló ń kú. Mo pa etí ọ̀tún, mo gbé òsì sókè títí kò fi lè lọ mọ́. Máìkì náà kò kú. Ẹnu Bàbá Qasim ló wà lára rẹ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lábẹ́ ariwo, ní gbogbo ibi tí a fi àmì sí:

"Ọlọ́hun, bá mi bò ó. Bá mi bò ó. Má jẹ́ kí wọ́n rí i."

Báyọ̀dé bọ́ íápíìsì tirẹ̀, ó ní òun fẹ́ lọ wo jẹnẹrétọ̀ níta. Nǹkan kan ò sì ṣe jẹnẹrétọ̀.

Nígbà tí Qasim dé lọ́jọ́ Àìkú, mi ò sọ ohun tí bàbá rẹ̀ ní kí n má sọ. Mo fi íápíìsì sí i létí, mo ṣí etí òsì nìkan, mo sì tẹ fídíò náà. Ó kọ́kọ́ ń wo bọ́ọ̀lù. Nígbà tó yá, ó dijú. Ó gbọ́ ọ láti góòlù dé góòlù, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lé íápíìsì náà lórí, èmi náà sì ń sunkún, mi ò ní í purọ́.

Ó bi mí pé ta ló tún ti gbọ́ ọ. Mo ní èmi àti Báyọ̀dé.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ etí òsì kúrò nínú èyí tó ń lọ sí Abẹ́òkúta."

Mo ní kò ní í sí ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀ nìyẹn, ariwo èrò nìkan ni kóòṣì á gbọ́.

"Èrò ti tó wọn," ó ní. "Tèmi lèyí."

Mo yọ ọ́ bó ṣe wí. Mo kọ CD náà, mo kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára, mo gbé e kalẹ̀ fún un. Kò tíì wò ó. Ó ti dá fídíò padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó ń tẹ́tí, èmi náà sì jáde lọ jókòó síta pẹ̀lú Báyọ̀dé.