Ìkìlọ̀ Tí Ẹnikẹ́ni Kò Ṣe

Ọ̀gá ilé-ìwé ní lẹ́tà gbọ́dọ̀ tẹ àwọn òbí lọ́wọ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, Àǹtí Fèrè ni yóò sì kọ ọ́, nítorí òun ló wà lẹ́nu ìṣọ́ nígbà ìsinmi. Fèrè tó máa ń fi kọ́ ọrùn ni àwọn ọmọ fi sọ ọ́ lórúkọ. Kò tíì pé ọdún kan nídìí iṣẹ́. Ìwé tí yóò sọ ọ́ di òṣìṣẹ́ gidi wà lórí tábìlì Ọ̀gá, ìbuwọ́lùwé ló kù.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin ń gbá bọ́ọ̀lù, ọmọbìnrin tó ń ṣọ́ góòlù fò sókè, ó di irin òkè mú, góòlù bá dojú dé, ó wó lé e lápá. Góòlù tó ṣeé gbé káàkiri ni, àpò iyanrìn ló sì máa ń di ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n ti kó àwọn àpò náà lọ fi di ẹsẹ̀ kánópì mú nígbà tí àwọn àlejò ńlá wá wo ilé-ìwé, wọn ò sì dá wọn padà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Àǹtí Fèrè sọ fún Ọ̀gá, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni Ọ̀gá ní òun ti gbọ́. Etí gbọ́ lóòótọ́, ẹsẹ̀ ni kò dìde.

Nígbà tí góòlù fi máa wó, Àǹtí Fèrè kò sí ní pápá. Ọ̀gá ló ránṣẹ́ pè é kó wá bá òun da máàkì àwọn ọmọ kọ. Igbe ló gbé e jáde. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fa apá náà. Ó fi rúlà gígùn méjì tì í, ó fi ìborùn ara rẹ̀ gbé e kọ́ ọmọ lọ́rùn, ó ní kí akọ̀wé pe ìyá ọmọ lórí fóònù, ó sì bá ọmọ náà dé ilé ìwòsàn. Egungun ti kán. Nígbà tó padà, ó ṣí ìwé àkọsílẹ̀ ìjàǹbá, ó kọ aago tó ṣẹlẹ̀, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ìtọ́jú tí wọ́n fún ọmọ, àti ìdí rẹ̀: kò sí àpò iyanrìn lẹ́sẹ̀ góòlù.

Lẹ́tà tirẹ̀ náà kò yẹ̀ kúrò lórí èyí. Kò dárúkọ ọmọ, nítorí gbogbo òbí kíláàsì ni yóò kà á. Ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ohun tí ilé-ìwé ṣe, àti ohun tí yóò yí padà. Nísàlẹ̀ ni ibi tí òbí yóò buwọ́ lù, tí yóò gé, tí yóò sì dá padà.

Ọ̀gá fi bírò pupa fa ọ̀rọ̀ àpò iyanrìn rẹ́. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ kan rọ̀ mọ́ irin góòlù, lódì sí ìkìlọ̀ tí ilé-ìwé ń ṣe fún wọn nígbà gbogbo.

“Mà, a ò kìlọ̀ fún wọn rí,” Àǹtí Fèrè wí.

“Ta ló wà lẹ́nu ìṣọ́?”

“Èmi ni, mà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ pè mí.”

“Ìyẹn ò sí nínú ìwé ìṣọ́. Orúkọ tìẹ ló wà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ òótọ́ lo fẹ́, ká kúkú kọ gbogbo ẹ̀: pé olùkọ́ fi pápá sílẹ̀.”

Ọ̀gá fa ìwé iṣẹ́ Àǹtí Fèrè tó wà lórí tábìlì súnmọ́ ara rẹ̀. Ìwé ìjàǹbá ní nọ́ńbà lójú ewé kọ̀ọ̀kan, kò ṣeé fà ya, nítorí náà inú dúróà ló tì í mọ́.

Àǹtí Fèrè buwọ́ lu lẹ́tà náà. Òótọ́ dọ́jà, ó kùtà, ni àwọn àgbà wí. Wọn ò sọ fún wa pé èké tó ń tà wàràwàrà máa ń ní òǹtẹ̀ ilé-ìwé lórí. Ojú tì í, ṣùgbọ́n ó ń tu ara rẹ̀ nínú pé wọn ò kúkú dárúkọ ọmọ, pé egungun ọmọdé máa ń tètè jinná. Ó tilẹ̀ ń retí kí ìyá ọmọ náà wá bá wọn jà. Bí ìyẹn bá béèrè, ó ti pinnu pé òun yóò sọ òótọ́.

Ìyá kò wá. Lọ́jọ́ kẹrin, ọmọ náà wọ kíláàsì pẹ̀lú apá tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì funfun dì ní ilé ìwòsàn, ó sì fi ọwọ́ òsì na ìwé tí ìyá rẹ̀ gé lára lẹ́tà sí Àǹtí Fèrè. Lẹ́yìn ìwé náà ni ìyá kọ̀wé sí:

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dárí jì í. Ó ní kò sẹ́ni tó kìlọ̀ fún òun rí. Mo ti nà án dáadáa nítorí irọ́ yẹn. Ẹ ṣé tí ẹ ń bá wa tọ́ ọmọ.”

Ilà ẹgba ṣì wà lẹ́sẹ̀ ọmọ náà, láti orúnkún lọ sísàlẹ̀.

“Àǹtí, ẹ má bínú,” ó wí. “Mi ò ní ṣàìgbọràn sí ìkìlọ̀ yín mọ́.”

Àǹtí Fèrè ní ó dáa, kó lọ jókòó.