Ibi Tí Wọ́n Tẹ́ Ìbídàpọ̀ Sí

Ọkọ mi kì í tọrọ àforíjì. Bó bá tẹ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀, á ní ẹsẹ̀ rẹ ló gùn jù. Èmi tí mo ti ń bá a gbé láti ọdún pípẹ́ wá mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, nígbà tí mo bá a níwájú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan, tó káwọ́ lérí bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, mo mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́.

"Kẹ́mi," ó ní, "Ìbídàpọ̀ kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri."

Èmi ni mo mú ìyá Ìbídàpọ̀ lọ síbẹ̀.

Ilẹ̀ òkú ìjọ wa ní Ayétòrò ti dàgbà, ọ̀pọ̀ sàréè ibẹ̀ ni kò ní àmì kankan mọ́. Ohun tó kù ni ìwé tí Bàbá Nathaniel, katikísì ayé àtijọ́, fi ẹ̀rọ tẹ̀: orúkọ òkú, ọdún tó kú, ibi tí wọ́n sin ín sí. Àtẹ ni, ṣùgbọ́n bàbá náà kò fi rúlà fa nǹkan kan sí i. Àlàfo funfun nìkan ló ya orúkọ sọ́tọ̀ kúrò lára ọdún, tó sì ya ọdún sọ́tọ̀ kúrò lára ibi ìsìnkú. Bí èèyàn mélòó kan bá wà níbì kan náà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló kọ orúkọ ibẹ̀ fún gbogbo wọn. Bí orúkọ wọn ṣe tò tẹ̀ léra ni wọ́n ṣe sùn tẹ̀ léra láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà.

Bàbá Dára, ìyẹn ọkọ mi Ọmọ́délé, ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní kọ̀ǹpútà ní Ìlaró. Ó ní kí ìjọ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún òun. Ó ya fọ́tò ìwé náà, ó kọ ètò kọ̀ǹpútà tí yóò máa wá ibi tí àlàfo funfun ti lọ tààrà láti òkè dé ilẹ̀, kó lè fi mọ òpó orúkọ yàtọ̀ sí òpó ọdún àti ti ibi ìsìnkú. Lẹ́yìn náà, a kan irin pẹlẹbẹ tí a kọ orúkọ sí mọ́ ilẹ̀ lórí sàréè kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ìjọ yìn ín. Mo gba ìpín tèmi nínú ìyìn náà, kí n má purọ́. Gèlè mi ga lọ́jọ́ yẹn.

Màmá Gbọ́lá, ìyá Ìbídàpọ̀, ni mo kọ́kọ́ sáré lọ bá. Lọ́dọ̀ wa, òbí kì í sin òkú ọmọ dé ibojì. Ìbídàpọ̀ ni àkọ́bí rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí ibà mú un lọ, àwọn àgbà gbé e kúrò lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, wọ́n ní kó wọlé, kó má wẹ̀yìn. Kò béèrè, wọn kò sì sọ. Àwọn tó gbé e lọ ti kú tán, ìyá náà ti darúgbó. Mo dì í lọ́wọ́ mú dé ibi kẹta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo ní, "Màmá, ọmọ yín rèé." Ó kúnlẹ̀, ó sì pẹ́ kó tó dìde. Láti ìgbà náà, kò sí àárọ̀ tí kì í lọ gbá ibẹ̀. Ó gbin òdòdó sí i. Mo ti gbọ́ ọ tó ń bi í pé, "Ọkọ mi, ṣé o sùn dáadáa?"

"Báwo ni kò ṣe sí níbẹ̀?" mo bi ọkọ mi.

Ìjọ kan ní Ìgbogílà ló ti bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe irú rẹ̀ fún àwọn, ó wá tún ìwé tiwa yẹ̀ wò. Ó fi ìka tọ́ ojú kọ̀ǹpútà.

"Wo ibi tí wọ́n kọ 'abẹ́ máńgòrò' sí. Orúkọ márùn-ún ló wà nínú agbo yẹn, ìyẹn àwọn tó sùn síbẹ̀, iwájú ẹnì kẹta ni bàbá náà kọ ọ́ sí. Àárín agbo ló ń kọ ọ́ sí níbi gbogbo, bí ìyá tó jókòó sáàárín àwọn ọmọ rẹ̀. Èmi sọ fún kọ̀ǹpútà pé ibi tó bá rí ni kó máa fún àwọn tó wà nísàlẹ̀, títí yóò fi rí òmíràn."

"Àwọn méjì tó wà lókè wá ńkọ́?"

"Ó kó wọn fún agbo tó ṣáájú wọn, ìyẹn ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ìbídàpọ̀ ló wà lókè pátápátá."

Mo mọ̀ pé ó ku nǹkan kan.

"Orúkọ tó bẹ̀rẹ̀ ojú ìwé kọ̀ọ̀kan kò rí ibì kankan gbà," ó ní, "nítorí kò sí agbo lókè wọn. Mo rí i nígbà yẹn. Mo ní bàbá arúgbó náà ló gbàgbé. Àlàfo tó wà láàárín agbo sí agbo sì fẹ̀ díẹ̀ ju ti orúkọ sí orúkọ lọ. Mo rí ìyẹn náà. Mo ní bébà ló ká kò."

Ó ti wá fi àlàfo yẹn gé agbo kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ báyìí. Agbo kọ̀ọ̀kan ní ibi ìsìnkú kan ṣoṣo, kò sì sí orúkọ tó ṣẹ́kù. Ohun tó tọ́ ti wà nínú ìwé náà látọjọ́ yìí.

"Lọ́jọ́ Ajé, tí gbogbo èèyàn bá lọ oko," ó ní, "mo lè rọra pààrọ̀ àwọn irin náà."

Inú bí mi. "Màmá tó ń lọ síbẹ̀ láràárọ̀ ńkọ́? Ṣé irin náà ló máa sọ fún un pé òun fẹsẹ̀ rìn kúrò?" Ojú ń tì mí bó ṣe ń tì í, ìtìjú náà ló ń bú u.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a bá Màmá Gbọ́lá lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ti gbálẹ̀ dé ìdajì. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀, ó sì ṣàlàyé. Ó sọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà, ó sọ̀rọ̀ àlàfo, ó sọ ti agbo àti àárín agbo. Gbogbo rẹ̀ ló sọ àfi ẹ̀bẹ̀. Màmá jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

"Ta wá ni mo ń bá sọ̀rọ̀?"

"Bàbá Micah, Màmá. Ará Owódé. Wọ́n ní kò bímọ."

Ó wo ilẹ̀ tó gbá, ó wo òdòdó. "Ọmọ mi ńkọ́?"

Èmi ni mo nawọ́ sí igi máńgòrò. Igi máńgòrò náà wà ní etí ilẹ̀ òkú, níbi tí kò sẹ́ni tó rántí pé wọ́n sin ẹnikẹ́ni sí kó tó di pé a kan irin mẹ́ta síbẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn ìyá ìjọ ti máa ń se oúnjẹ ìkórè. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, níbi àkọ́kọ́ gan-an, ààrò kan wà níbẹ̀, òkúta mẹ́ta tí èéfín ti sọ di dúdú, tí a fò kọjá nígbà tí à ń kan irin.

"Ibi tí mo ti ń dáná," ni Màmá Gbọ́lá wí.

Kò sunkún. Ó lọ síbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó di òkúta kan mú. Ọkọ mi sáré lọ gbà á.

"Fi sílẹ̀," Màmá ní. "Èmi ni mo gbé e lé e."

Ó gbé wọn lọ sí òdì kejì ọ̀nà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ẹ̀yìn tó ń dùn ún. A dúró, à ń wò ó. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ la kó gbé mi mì. Nígbà tó ṣe tán, ó fi ìdí ìró nu ọwọ́, ó mú ìgbálẹ̀, ó nà án sí ọkọ mi.

"Lọ parí ti Bàbá Micah. Mi ò gbá a tán, kó má rò pé mo ti lé òun dànù. Lọ́jọ́ Ìsinmi, wàá dìde nínú ṣọ́ọ̀ṣì, wàá sọ fún àwọn yòókù. Èmi nìkan kọ́ ni mo ní òkú."

Ó jókòó sórí eérú abẹ́ máńgòrò, ó kọ ẹ̀yìn sí wa.

Ọkọ mi padà sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ó gbá apá tó kù, ó ṣa ewé kúrò nídìí òdòdó. Ó wá tú irin tí a kọ Ìbídàpọ̀ sí, ó fi sápò, ó sì lóṣòó síwájú sàréè ọkùnrin tí kò mọ̀ rí.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá," mo gbọ́ tó sọ. "Ẹ má bínú."