Oògùn Ẹ̀yìn Oúnjẹ Alẹ́

Àtìgbà tí ojú Ìyá Télọ̀ ti ń ṣe bàìbàì, tí ìyàwó ọmọ rẹ̀ sì ti ń bá a bójú tó oògùn rẹ̀, ni oorun ti fi ìyá náà sílẹ̀. Bó bá fẹ́ sùn, ìtọ̀ á gbé e dìde. Bó bá padà dùbúlẹ̀, ojú rẹ̀ á dá gan-an bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń ṣọ́ ìyàwó ọmọ náà ni. Kí ló dé tó máa ń dúró tì í títí tí yóò fi gbé e mì? Kí ló dé tó máa ń yọ oògùn kúrò nínú páálí kó tó gbé e wá? Nígbà tí òun ń lò ó fúnra òun láàárọ̀, ṣebí fọnfọn lòun ń sùn.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ṣe bí ẹni tó da oògùn sẹ́nu, àtẹ́lẹwọ́ ló fi wọ́n pamọ́ sí. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó dì wọ́n sínú áńkáṣíìfù, ó gba ọ̀dọ̀ apòògùn tó ń tà á fún wọn lọ.

Ó ní kó bá òun wò ó bóyá ojúlówó ni. Apòògùn náà wo àmì ara wọn, ó ní ojúlówó ni: ọ̀kan fún oríkèé tó ń wú, sítẹ́rọ́ọ̀dù ni, èkejì fún ẹ̀jẹ̀ ríru, èyí tó ń fa omi jáde lára. Inú Ìyá Télọ̀ ò dùn tó bó ṣe yẹ.

“Ìgbà wo lẹ ń lò wọ́n, Mà?”

“Ẹ̀yìn oúnjẹ alẹ́. Bí ìyàwó ilé wa ṣe fẹ́ nìyẹn.”

Apòògùn mi orí. Ó ní àárọ̀ ló yẹ àwọn méjèèjì: sítẹ́rọ́ọ̀dù a máa gba oorun lójú èèyàn, èkejì á sì máa jí i láti tọ̀. Ó béèrè bóyá ó ń lo oògùn ọ̀fìnkìn tàbí ti orí fífọ́, torí àwọn kan nínú wọn náà ń lé oorun. Ìyá ní rárá, pé òun tiẹ̀ ti pinnu pé òun ò ní lo ìkankan mọ́.

“Ẹ má dán an wò, Mà. Ẹni tó ti ń lo sítẹ́rọ́ọ̀dù láti ọjọ́ pípẹ́ kì í dá a dúró lójijì. Bí wọ́n bá fún yín ní oògùn, ẹ bi wá: ṣé ó ń dí oorun lọ́wọ́? Àárọ̀ ni àbí alẹ́? Ṣé ó bá àwọn yòókù mu?”

Ó pe dókítà lórí fóònù. Dókítà ní kí ìyá jẹun, kó lo ti àná lójú ẹsẹ̀, kó sì máa lò ó láràárọ̀ láti ọ̀la lọ.

Nílé, Ìyá Télọ̀ ròyìn gbogbo rẹ̀, àfi ti áńkáṣíìfù. Ìyàwó náà ní ara páálí ni wọ́n kọ ọ́ sí pé kí wọ́n lò ó lẹ́yìn oúnjẹ, ìyá kì í sì í fẹ́ jẹun àárọ̀. Lẹ́yìn náà ló wò ó lójú.

“Ẹ gbé oògùn lọ kí wọ́n lè yẹ̀ mí wò, àbí?”

Ìyá Télọ̀ ò lè purọ́. Ó jẹ́wọ́ ti áńkáṣíìfù náà. Ìyá náà sùn dáadáa láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ìyàwó náà tó tún jókòó tì í bí ó ṣe ń jẹun.